Owó-Orí Ẹwà

Níbi iṣẹ́ báǹkì, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ máa ń tètè ṣí fún arẹwà obìnrin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mo sì mọ bí ojú àwọn tó wà nídìí tábìlì ṣe máa ń tàn tí ọmọbìnrin kan bá wọlé wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó dú gbinrin, tó ga, tí eyín rẹ̀ funfun bálau, tó sì mọ aṣọ wọ̀. Kó tó dáhùn ìbéèrè kejì, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí. Máàkẹ́tìn ni. Ohun tó kàn mí ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, nígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ gòkè, tí ilẹ̀kùn kejì kò ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn nílẹ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2004, Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìdásílẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 ló wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù. Owó àwọn onípìn-ín ni ìjọba ń béèrè, kì í ṣe owó oníbàárà, ṣùgbọ́n báǹkì tó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá owó oníbàárà tí yóò fi ṣiṣẹ́. Tágẹ́ẹ̀tì ti wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá di ẹrù tí ń tẹ ọmọdé lórí ba. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ni wọ́n ń rán síta láàárọ̀ pé kí wọ́n lọ bá àwọn olówó tí wọn ò mọ̀ rí, kí wọ́n sì gba owó bọ̀. Àwọn báǹkì kan mọ̀ọ́mọ̀ ń yan àwọn tó lẹ́wà fún iṣẹ́ náà. Kí ni aráàlú ṣe? Wọ́n fi gbogbo wọn ṣe ọ̀kan. Arẹwà yòówù tó bá kájú tágẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ìdí ló fi wá a.

Àbùkù yẹn kò tíì kúrò lára wọn dòní. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá ṣe mọṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfura náà ń le sí i. Ẹni tí kò rí owó wá, wọ́n á ní kò gbówọ́. Ẹni tó rí i wá, wọ́n á ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa sọ, nítorí pé ó dé ọwọ́ mi láti orí dé ìdí. Mi ò ní dárúkọ báǹkì náà, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ náà. Adúmáadán ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ẹ̀ka kan tí kò jìnnà sí ọjà Gbági Tuntun ní Ìbàdàn ló wà, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ láti orí àǹkárá dé orí léèsì. Ọdún mẹ́ta léra ló kọjá tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti gbé e lọ sí ìdí ẹ̀yáwó, tó jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn fi ń di ọ̀gá ẹ̀ka, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin kò mọ bó ṣe ń rí owó yẹn ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ fẹ́ parí síbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé orúkọ gbogbo àwọn tó mú wá sí báǹkì wá sórí tábìlì, pẹ̀lú iye tó wà nínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan láti oṣù dé oṣù. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ máa ṣe nìyẹn, kò sì le. Owó tí olówó kan gbé wá nítorí pé ojú ọmọbìnrin wù ú ní bó ṣe máa ń rí: ó máa ń tóbi, ó máa ń dá dúró sójú kan, kì í wọlé kó tún jáde bí owó ọjà, ó sì sábà máa ń wọlé nígbà tí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bá ń parí lọ, nígbà tí wọ́n fẹ́ ka tágẹ́ẹ̀tì. Tí oṣù tuntun bá dé, ó ti jáde. Lóòótọ́, irú owó bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé Adúmáadán. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ni ín: agbaṣẹ́ṣe kan, ẹni tó ní ilé epo, àti olóṣèlú kan. A rò ó pọ̀, kò tó ìdá márùn-ún gbogbo owó tó mú wá.

Ta ló ni ìyókù? Àwọn ìyálọ́jà ni, àti àwọn ọkùnrin tí ń ta aṣọ. Owó wọn ń lọ sókè ní oṣù tó ṣáájú Iléyá, ó tún ń lọ sókè láti oṣù kẹwàá títí dé Kérésìmesì, ó sì ń já wálẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní nígbà tí wọ́n bá ń san owó ilé-ìwé tí wọ́n sì ń ra ọjà tuntun. Bí owó ọjà ṣe ń mí nìyẹn. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ta léèsì kò kó owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí eyín funfun.

Mo pe ọmọ náà, mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe rí wọn. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ọjà, àwọn ìyá náà kò dá òun lóhùn, òmíràn tiẹ̀ bi òun pé ọkọ ta ni òun wá gbà. Ó wá kíyè sí i pé báǹkì ti máa ń tì kí ọjà tó tú, pé owó tí wọ́n pa ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ alájọ ni apá kan ń lọ, ìyókù ń sùn sílé pẹ̀lú ẹ̀rù olè. Ló bá fi àwọn ìyálọ́jà sílẹ̀, ó lọ bá alájọ. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó ń fi káàdì pélébé-pélébé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń tọ bàbá náà lẹ́yìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń bá a ka owó, ó ń bá a kọ káàdì, títí bàbá fi gbà láti máa kó àjọ náà wá sí báǹkì. Nígbà tí àwọn ìyálọ́jà rí i pé owó tí bàbá gbé lọ pé nígbà tí wọ́n béèrè fún un, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni ènìyàn fi ń ṣí àkáǹtì. Alájọ kejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta náà sì dé.

Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ìgbéléwọ̀n nípa rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò mẹ́nu ba alájọ. Mo ka fọ́ọ̀mù náà. Ọdún kìn-ín-ní: "Ó mọ bí a ti ń múra." Ọdún kejì: "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀." Ọdún kẹta: "Ó jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún àwòrán báǹkì wa." Ọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ wọlé, tí kò kájú tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ nípa tirẹ̀ pé ó jẹ́ olóye, ó sì mọ ewu tó wà nínú òwò. Kò sí irọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa Adúmáadán. Ìyìn ni gbogbo wọn. Ìyìn náà ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1979, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Heilman àti Saruwatari, fún àwọn ènìyàn ní ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò wọn pé kí wọ́n ṣe ìdájọ́. Ẹwà ran ọkùnrin lọ́wọ́ níbi gbogbo. Ó ran obìnrin lọ́wọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé ló ń wá. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá, ẹwà náà fà á sẹ́yìn ni. Àlàyé wọn ni pé bí obìnrin bá ṣe lẹ́wà tó ni àwọn ènìyàn ṣe ń wò ó bí ẹni tó rọ̀, tí kò lè pàṣẹ, tí kò lè dúró lórí ìpinnu tó le. Àwọn ohun tí wọ́n sì ń wá lára ọ̀gá nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ náà gbà nígbà tí wọ́n rí ìwé àkáǹtì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó mọ bí wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀yáwó?" A mú èyí tó kọ wò. Kò dára tó. Ó mọ oníbàárà tí ó lè san owó padà ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀: iye tó ń wọlé fún olówò lẹ́yìn tó bá ti san gbèsè ọjà, ohun ìdúró tí báǹkì lè tà lóòótọ́ tí gbèsè bá bàjẹ́, oṣù tí owó máa wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé báwo ni ọmọ tó já fáfá tó bẹ́ẹ̀ kò fi mọ èyí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ìdáhùn rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka àròkọ yìí gbé dání. Ní báǹkì, wọn kì í kọ́ni ní ẹ̀yáwó nínú kíláàsì tán. Díẹ̀ ni ti kíláàsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà ń wáyé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ọ̀gá kan bá ní kí ọmọ iṣẹ́ fa àga súnmọ́ òun kó wo fáìlì kan. Ó ń wáyé nínú ọkọ̀, tí wọ́n bá jọ ń lọ wo ilé ìkẹ́rù oníbàárà, tí ọ̀gá á máa sọ pé wo páálí yẹn, eruku ti bò ó, ọjà yẹn kò tà. Ta ló máa fa àga fún Adúmáadán? Àwọn ọ̀gá ọkùnrin tí wọ́n ń pè é pé kó wá jókòó, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn ọmọlúàbí inú wọn ń sá fún un. Ọ̀kan nínú wọn, tó mọ ẹ̀yáwó bí ẹni mowó, sọ fún mi pé, "Mà, tí wọ́n bá rí èmi àti ọmọ yẹn nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó délé, ìyàwó mi ti gbọ́." Mi ò lè bá a wí. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọ̀gá obìnrin ńkọ́? Wọ́n kéré níye, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n rí àwọn pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé bí àwọn náà ṣe dé ipò nìyẹn.

Nítorí náà, àwọn ènìyàn rò pé kò mọṣẹ́, wọ́n yẹra fún un, kò sì rí ẹni kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, apá kan iṣẹ́ náà kò yé e ní tòótọ́, wọ́n sì ní ṣé ẹ rí i, a sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìkọ́ni ẹ̀yáwó kúrò nínú ọ̀rọ̀ ta-ló-fẹ́-kọ́-ta. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ sára ògiri, mẹ́ta-mẹ́ta, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú ọ̀gá tó máa kọ́ wọn àti ọjọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dá lọ wo oníbàárà pẹ̀lú ọ̀gá. Mẹ́ta ni wọ́n á jọ lọ. Ọ̀gá ọmọlúàbí yẹn gbà lọ́gán, nítorí pé báǹkì ló yan ọmọ fún un, kì í ṣe òun ló yàn án. Mo tún ní kí wọ́n má kọ ọ̀rọ̀ ìyìn kankan sínú fọ́ọ̀mù láìsí ohun tí ẹni náà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀" kò tó. Oníbàárà wo? Kí ló ṣe fún wọn?

Ọ̀rọ̀ ìkórìíra láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ le ju èyí lọ, ìlànà kò sì lè tán an. Ọdún kejì tí Adúmáadán dé ẹ̀ka náà, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ sí kàlẹ́ńdà báǹkì. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Kàlẹ́ńdà. Tí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ láago tí kò sí nítòsí, wọn kì í jẹ́ iṣẹ́ fún un. Tó bá wọ yàrá oúnjẹ, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ máa sọ pé owú ni, ọ̀rọ̀ parí, ìwádìí kan sì wà tó jọ pé ó gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Bradley Ruffle àti Ze'ev Shtudiner, ló gbé e jáde ní 2015. Wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ 5,312 ránṣẹ́ ní Ísírẹ́lì, òmíràn ní fọ́tò, òmíràn kò ní. Ọkùnrin tó lẹ́wà ni wọ́n pè padà jù láàárín àwọn ọkùnrin. Láàárín àwọn obìnrin, àwọn tí kò fi fọ́tò sí i rárá ni wọ́n pè jù. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹni tó ń ka ìwé náà ní àwọn ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù.

Mo gbà pé owú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ẹnu àwọn obìnrin tó ń pe ọmọ yẹn ní Kàlẹ́ńdà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀dùn ọkàn wọn ní ìdí. Wọ́n rí i pé oníbàárà tí àwọn ti ń tọ́jú ń fi ìlà wọn sílẹ̀ lọ sí tirẹ̀. Wọ́n rí i pé wọ́n fún un ní tábìlì iwájú láìbéèrè. Báǹkì ló ṣe ojúsàájú, ara ọmọ náà ni wọ́n ti ń gba ẹ̀san. Ẹ̀rí sì wà pé ojúsàájú náà kì í ṣe àròsọ: Daniel Hamermesh, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, fi odidi ìwé kan ní 2011 ṣàlàyé pé owó oṣù àwọn tó lẹ́wà sábà máa ń ju ti àwọn yòókù lọ. Adúmáadán kò béèrè fún tábìlì yẹn, síbẹ̀ òun ló jókòó sí i.

Ohun mìíràn wà tí kò hàn sí ẹlòmíràn rárá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi. Ó ní òun kò mọ ìwọ̀n ara òun. Tí ọ̀gá bá ní "o káre," kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń yìn. Tí wọ́n bá bú u, kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni wọ́n ń bú. Brenda Major àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní 1984: nígbà tí arẹwà bá mọ̀ pé ẹni tó yin ohun tí òun kọ ti rí ojú òun, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà pé iṣẹ́ òun ni ẹni náà yìn. Ìdí tí Adúmáadán fi lọ jókòó fún ìdánwò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ báǹkì nìyẹn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Nọ́ńbà ló máa ń wà lórí ìwé ìdánwò. Ó ní máàkì yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí òun gbàgbọ́ nípa ara òun láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka Òṣogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gba àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀rí tó kẹ́yìn nìyẹn, mo sì ń ṣọ́ ọ. Owó tó bá tẹ̀ lé ojú, ojú náà ló máa bá lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbaṣẹ́ṣe àti olóṣèlú ti kó tiwọn jáde. Àwọn alájọ kò mira.

Ìdáwà ni mi ò rí oògùn fún. Ó ra òrùka ìgbéyàwó kan ní Dùgbẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí àwọn ọkùnrin lè jẹ́ kó sinmi. Àwọn ọkùnrin kò wo òrùka. Àwọn obìnrin wò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọkọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì ṣe ìgbéyàwó, ó fún un ní aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n kò mú un mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ìyá ìyàwó ló ní kí wọ́n má mú un, pé ta ló máa wo ìyàwó? Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ti ìgbìmọ̀ ìgbéga lọ, nítorí pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe é. Tó bá ráhùn, wọ́n á ní ó ń fọ́nnu. Èyí ló pa á lẹ́nu mọ́, òun náà ló sì ń pa ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lẹ́nu mọ́ níwájú mi, títí dìgbà tí a bá ti jókòó pẹ́.

Adúmáadán ti di ọ̀gá ẹ̀ka báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin arẹwà kan wọṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sí ìdí ẹ̀yáwó lọ́sẹ̀ tó dé. Orílé-iṣẹ́ béèrè fọ́tò ọmọ náà fún kàlẹ́ńdà, Adúmáadán kọ̀. Ọmọ yẹn bínú gidigidi. Ó ní owó díẹ̀ wà níbẹ̀, pé ìyá òun ì bá gbé e kọ́ sí ìsọ̀ fún gbogbo ọjà láti rí, àti pé ta ni mà láti pinnu ohun tí òun máa fi ojú òun ṣe. Adúmáadán pè mí láti béèrè ohun tí mo rò. Mo sọ fún un pé ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí ojú ara rẹ̀, mo sì sọ pé tó bá jẹ́ èmi, n kò ní fi fọ́tò náà ránṣẹ́ títí ìgbéléwọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi jáde. A kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.